Ìwé Ìwáṣẹ́ Apòògùn Kan ní Lafiaji

Òfin kò gbà kí ilé oògùn kankan ní Nàìjíríà ṣílẹ̀kùn láìní apòògùn alábòójútó. Orúkọ apòògùn náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé PCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára ògiri, níbi tí ojú ẹni tó bá wọlé ti lè tó o. Apòògùn kan kò sì lè ṣe alábòójútó ilé oògùn méjì pọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ni ilé oògùn tó ronú bóyá ẹni tó ń wáṣẹ́ gbọ́n tàbí ó mọ iṣẹ́, ohun kan wà tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá nínú ìwé: ṣé láísẹ́ǹsì ẹni yìí wà, ṣé kò sì sí lórí ilé oògùn ẹlòmíràn? Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti kà kò sọ ọ́ rárá. Wọ́n ń sọ pé àwọn ṣeé fọkàn tán, pé àwọn lè ṣiṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá le, pé àwọn fẹ́ràn láti máa bá ènìyàn ṣe pọ̀. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí alábẹ̀wò PCN bá wọlé lọ́la, kò sí èyí tó lè dá a lóhùn nínú wọn.

*

Ibi tí iṣẹ́ wà ló yẹ kó sọ ohun tí ìwé máa sọ. Lafiaji wà ní ìhà ìlà-oòrùn Erékùṣù Èkó, kò jìnnà sí Òbáléńdé, kò sì jìnnà sí Pópó Àgùdà tí àwọn tó ti Brasílì padà wá tẹ̀dó sí. Ilé ìwòsàn ìgbẹ̀bí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Áílándì Matánítì wà lágbègbè yẹn láti 1960. Massey, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, náà wà níbi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé. Ìdí nìyẹn tí ilé oògùn àdúgbò yẹn fi ń rí aláboyún àti ìyálọ́mọ lójoojúmọ́. Ìwé dókítà tí wọ́n ń mú wá jẹ́ ti oògùn ẹ̀jẹ̀, ti síróòpù ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ti abẹ́rẹ́ tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú fíríìjì. Apòògùn tó bá fi gbólóhùn kan péré hàn pé òun ti bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ti ṣe ju ẹni tó kọ odidi ojú ewé kan nípa ìfẹ́ rẹ̀ sí ìlera aráàlú.

*

Ẹ jẹ́ ká mú ìkéde kan, irú èyí tó máa ń jáde, ká tẹ̀ lé e dé òpin. Ilé oògùn kan ní Lafiaji ń wá apòògùn alábòójútó. Kó ní láísẹ́ǹsì ọdún yìí. Kó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2, ó kéré tán. Aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó ń gbé lórí erékùṣù tàbí nítòsí rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Kí a fi CV ránṣẹ́ ní PDF, kí àkọlé ímeèlì sì jẹ́ `Superintendent Pharmacist - Lafiaji`. Ìkéde náà kò gùn, ṣùgbọ́n ohun mẹ́fà ló béèrè.

Ìwé tó wọ́pọ̀ jù tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ń rí gbà máa ń lọ báyìí. Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo tò ó ní Yorùbá kí a lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀:

"Mo nírètí pé ìwé yìí á bá yín ní àlàáfíà. Mo fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ fún yín pé mo nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ yín tó gbajúmọ̀. Òṣìṣẹ́ kára ni mí, mo ní ìtara, mo sì lè bá ẹnikẹ́ni ṣe pọ̀. Ó dá mi lójú pé n óò wúlò fún yín gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo CV mi. Mo ń retí èsì rere."

Nínú ohun mẹ́fà tí wọ́n béèrè, ìwé yìí kò dáhùn ọ̀kan. Kò tilẹ̀ sọ pé apòògùn ni ẹni tó kọ ọ́. Akọ̀wé báńkì lè fi ránṣẹ́, olùkọ́ lè fi ránṣẹ́, kí a má sì yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹni tó ni ilé oògùn gbọ́dọ̀ ṣí CV, kó wá ọdún láísẹ́ǹsì kiri nínú ojú ewé mẹ́ta, kó sì fi ọgbọ́n ara rẹ̀ mọ̀ bóyá ẹni náà ṣì wà níbi iṣẹ́ kan.

Ẹ wá wo èyí tó mọ ohun tí wọ́n ń béèrè:

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mò ń kọ̀wé nípa àyè apòògùn alábòójútó ní Lafiaji tí ẹ kéde lọ́jọ́ Ajé. Apòògùn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ PCN ni mí. Láísẹ́ǹsì mi ti ọdún yìí wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí lórí ilé oògùn kankan láti ìparí oṣù tó kọjá. Ọdún 3 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn àdúgbò kan ní Sùúrùlérè. Ìwé dókítà fún ọmọdé ló pọ̀ jù nínú èyí tí mo ń bójú tó níbẹ̀, èmi ni mo sì ń ṣàkọsílẹ̀ bí fíríìjì oògùn ṣe tutù tó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òbáléńdé ni mò ń gbé, mo lè wà níbi iṣẹ́ kí aago 8 tó lù, títí kan ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. CV mi wà pẹ̀lú ìwé yìí ní PDF, nọ́ńbà fóònù mi sì wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣé púpọ̀, mà."

Ìwé kejì yìí kò gùn ju àkọ́kọ́ lọ lọ́nà tó lè sú ẹni tó ń kà á, síbẹ̀ ó ti dáhùn ohun gbogbo. Gbólóhùn tó sọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ó sọ ohun méjì tí CV kì í sábà sọ: pé láísẹ́ǹsì náà wà lọ́wọ́, àti pé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti tú u sílẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé kò sọ pé òun ní ìrírí nínú oògùn ọmọdé. Ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ló sọ. Ẹni tó bá kà á lè béèrè ìbéèrè lé e lórí, ìdáhùn á sì fi òótọ́ hàn.

*

Fóònù ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ilé oògùn fi ń ka ímeèlì, láàárín oníbàárà kan àti òmíràn. Kí wọ́n tó ṣí ìwé rárá, àkọlé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ti hàn lójú fóònù. Bí ọ̀rọ̀ díẹ̀ náà bá jẹ́ "mo nírètí pé ìwé yìí á bá yín ní àlàáfíà", ogún ìwé á jọra wọn. Kí orúkọ iṣẹ́ àti orúkọ àdúgbò ti wà nínú gbólóhùn kìíní.

*

Ohun kan wà tí àwọn apòògùn fúnra wọn ń pè ní rẹ́jísítà-áńdì-gò. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á wá apòògùn, á san iye kan fún un fún odidi ọdún, á sì gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ kọ́ ògiri. Apòògùn náà á lọ sẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀ níbòmíràn, bóyá ní ilé iṣẹ́ ńlá, bóyá ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọmọ tí kò kọ́ṣẹ́ oògùn rí ló máa dúró sẹ́yìn káńtà. Bí alábẹ̀wò bá dé, wọ́n á ní apòògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ó lọ jẹun, ó ń bọ̀.

Mi ò lè fi ẹnu rírọ̀ sọ̀rọ̀ nípa èyí. Ìyá ọmọ tó gbé ìwé dókítà wá rí láísẹ́ǹsì lára ògiri, ó gbà pé ẹni tó ni ín ló ń fún òun ní oògùn. Apòògùn náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó fún un ní síróòpù náà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín agbára kan àti èkejì tí páálí wọn jọra. PCN máa ń ti irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ pa, ìgbìmọ̀ ìbáwí sì wà tí apòògùn tó fi láísẹ́ǹsì rẹ̀ háyà lè dé iwájú rẹ̀. Orúkọ tó fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kọ́ ní yunifásítì, tó tún fi íńtánṣíìpù ọdún kan àti ọdún àgùnbánirọ̀ lé e, lè ti ibẹ̀ bàjẹ́.

Àwọn ìkéde kan wà tó jẹ́ pé èyí gan-an ni wọ́n ń wá, bí wọn ò tiẹ̀ sọ ọ́. Ìkéde náà kò ní sọ wákàtí iṣẹ́. Bí ẹ bá béèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ fi láísẹ́ǹsì ránṣẹ́ ná. Wọ́n á ní kò dìgbà tí ẹ bá ń wá lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Ẹni tó bá kọ wákàtí tó máa wà níbi iṣẹ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ ti sọ fún wọn pé òun kò sí nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Bákan náà, ẹni tó ni ilé oògùn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ìwé tó sọ pé "láísẹ́ǹsì wà nílẹ̀" láìsọ pé ẹni tó ni ín náà á wà níbẹ̀, pàápàá bí CV bá fi hàn pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ojúmọ́ níbòmíràn.

*

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ni láísẹ́ǹsì ọdún kọ̀ọ̀kan ń parí. Nítorí náà ìwé ìwáṣẹ́ oṣù Kìíní kò rí bí ti oṣù Kẹjọ. Ní oṣù Kìíní, "láísẹ́ǹsì mi wà" lè jẹ́ ti ọdún tó lọ, tí agbára rẹ̀ ti tán. Kí ẹni tó ń wáṣẹ́ sọ ọdún náà ní nọ́ńbà. Bí ti tuntun bá ṣì wà lọ́nà, kí ó sọ pé òun ti sanwó rẹ̀ àti pé òun ti ṣe ẹ̀kọ́ àfikún tí PCN ń béèrè kó tó fún ènìyàn ní tuntun. Ẹni tó ni ilé oògùn lè dúró de ìwé tó wà lọ́nà. Ohun tí kò lè fara dà ni kí ó gba ènìyàn síṣẹ́ tán kó tó mọ̀ pé ẹni náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá láísẹ́ǹsì tuntun.

*

Ìyá kan tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ apòògùn ní Èkó kì í dúró dìgbà tí ó bá pe ènìyàn wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí ìwé bá dùn mọ́ ọn, ó máa ń gbé fóònù ni. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó pe ẹnì kan.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. O kọ ọ́ síbí pé ọmọdé lo sábà ń fún lóògùn. Ọmọ kan wọ̀n tó kílò 12. Parasítámọ́ọ̀lù ni dókítà kọ. Síróòpù tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5. Mélòó lo máa fún un?"

"Mílígíráàmù 15 fún kílò kan, mà. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 180. Mílílítà 7 àbọ̀ nìyẹn."

"Ìgbà mélòó lójúmọ́?"

"Kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ ní wákàtí 24, mà. Ó kéré tán, kí wákàtí mẹ́rin kọjá kó tó lo òmíràn. N óò sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ bóyá ó ti fún un ní oògùn òtútù nílé, torí parasítámọ́ọ̀lù lè ti wà nínú ìyẹn."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló gba iṣẹ́ náà fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè ṣe ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dúró lẹ́yìn káńtà mọ̀ pé ìyá kì í mú ọmọ jáde láìfún un ní nǹkan kan nílé ná, àti pé oògùn kan náà lè wà nínú ìgò méjì tí orúkọ ara wọn yàtọ̀. Ìwé ìwáṣẹ́ tó sọ iṣẹ́ pàtó tí ènìyàn ṣe ló ṣí ilẹ̀kùn ìbéèrè náà sílẹ̀ fún un. Ìwé tó kàn sọ pé òun ní ìtara kì bá tí jẹ́ kí wọ́n pè é.

*

Ìdúmọ̀tà wà lórí erékùṣù kan náà. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ní Lafiaji lè rìn dé ọjà oògùn tó wà níbẹ̀, kó sì rí oògùn tí owó rẹ̀ wálẹ̀ ju ti aṣojú ilé iṣẹ́ lọ. Ní oṣù Kejì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onitsha àti ti Aba, kí wọ́n lè yẹ ọjà tó wà níbẹ̀ wò. Láti ìgbà náà, ìbéèrè nípa ibi tí a ti ń ra oògùn ti wá le sí i lẹ́nu àwọn tó ni ilé oògùn. Apòògùn tó bá ti ṣe iṣẹ́ ọjà rírà rí lè fi gbólóhùn kan sọ ọ́: pé ọ̀dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ ni òun ti ń rà, àti pé òun ń tọ́jú rìsíìtì pẹ̀lú nọ́ńbà ìdì oògùn kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ìdì yẹn ló ń jẹ́ kí a mọ èyí tí a máa kó kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀fù bí NAFDAC bá kéde pé oògùn kan kò dára. Bí kò bá sí rìsíìtì, kò sí bí a ṣe máa mọ ibi tí tiwa ti wá.

*

Ibi tí ènìyàn ń gbé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Èkó. Bí ilé oògùn bá gbọ́dọ̀ ṣí ní aago 8, tí apòògùn sì wà lórí Táàdì Mẹ́nlándì ní aago 9, wọ́n ti rú òfin láàárọ̀ yẹn, tàbí kí àwọn oníbàárà máa dúró níta. Ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú, tó sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí erékùṣù, kí ó sọ ọ́. Ẹni tó ń gbé ní ọ̀nà Máìlì Tuu, tó lè wọ rélùwéè tó ń lọ sí Máínà láti oṣù Kẹsàn-án 2023, kí ó sọ ọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ọ̀nà tó máa gbà dé. Àdírẹ́sì ilé pátápátá kò pọn dandan nínú ímeèlì. Orúkọ àdúgbò tó.

*

Nípa fáìlì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Kí a kọ́kọ́ so CV mọ́ ímeèlì, kí a wá kọ ọ̀rọ̀, kí a sì fi àdírẹ́sì ẹni tí a ń kọ ọ́ sí ṣe ìkẹyìn. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan bọ́tìnnì, ìwé tí kò pé kò ní lọ síbì kankan. Kí orúkọ fáìlì ní orúkọ ẹni àti iṣẹ́ náà. `cv new final 2.pdf` kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ti gba ogún irú rẹ̀. Fọ́tò ìwé ẹ̀rí tí a fi fóònù yà máa ń wúwo; Gmail kì í sì í gba fáìlì tó bá ju 25 MB lọ. Lẹ́yìn tó bá ti lọ, kí a wọ `Sent`, kí a ṣí CV náà láti ibẹ̀, ká rí i pé òun gan-an ló lọ.

Àṣìṣe kan tún wà tó burú ju gbogbo ìyẹn lọ: kí a to àdírẹ́sì ilé oògùn mẹ́wàá sójú kan náà, kí a fi ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Olúkúlùkù wọn á rí orúkọ àwọn mẹ́sàn-án yòókù.

*

Àwọn kan ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n gé ìkíni kúrò, kí ìwé lè kúrú. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ni ilé oògùn ní Lafiaji sábà máa ń jẹ́ apòògùn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹni tó ń kọ̀wé tó wọ yunifásítì. "Ẹ kú iṣẹ́, mà" kò gba àyè, kò sì yẹ kó wọ́n. Ohun tó ń gba àyè ni ìrẹ̀lẹ̀ alásọtúnsọ: ìlà mẹ́rin tí ènìyàn fi ń tọrọ gáfárà pé òun kọ̀wé rárá. Iṣẹ́ ni wọ́n kéde, wọ́n fẹ́ kí a kọ̀wé. Kí a kí wọn lẹ́ẹ̀kan, kí a dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí àárín jẹ́ iṣẹ́.

*

Ìwé ẹ̀rí tí à ń sọ yìí kì í ṣe tuntun: orí erékùṣù yìí ni iṣẹ́ apòògùn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1887, Richard Zacheus Bailey ṣí ilé oògùn sí Òpópónà Balógun. Ní 1902, wọ́n fún Emanuel Caulcrick ní ìwé ẹ̀rí pé ó kún ojú òṣùwọ̀n láti máa po oògùn kó sì máa fún ènìyàn, ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ó gba irú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ìwé tó ń sọ pé ẹni yìí mọ̀ ọ́n ṣe ti ń ṣáájú apòògùn wọlé sẹ́nu iṣẹ́.

*

Ẹ̀rù jápa wà lọ́kàn àwọn agbanisíṣẹ́, wọn kì í sì í sọ ọ́ síta. Wọ́n mọ̀ pé apòògùn tí wọ́n gbà lónìí lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí ọdún tó yípo, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá alábòójútó lákọ̀tun, kí wọ́n tún padà sọ́dọ̀ PCN láti yí orúkọ padà. Ẹni tó bá ti ń gba fọ́ọ̀mù fún ẹ̀kọ́ OSPAP, ẹ̀kọ́ ọdún kan tí àwọn apòògùn òkè òkun ń ṣe ní Britain kí wọ́n tó lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣèlérí ọdún márùn-ún nínú ìwé. Iṣẹ́ adelé wà, èyí tí apòògùn ń ṣe fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí alábòójútó bá lọ fún ìsinmi tàbí ìbímọ; kí ó wá ìyẹn, kí ó sì sọ iye oṣù tí òun ní. Àwọn tó ń lọ náà á rí i pé irú òfin kan náà ló ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2009, ilé oògùn ní Britain gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti nọ́ńbà apòògùn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, apòògùn náà kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ ju wákàtí 2 lọ nínú 24.

*

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ apòògùn fi ọ̀kan yìí sọ́kàn gidigidi. Ẹ má so àwòrán láísẹ́ǹsì yín mọ́ ìwé tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ẹ kò mọ̀. Ẹ̀dà láísẹ́ǹsì apòògùn wà lára ìwé tí wọ́n ń béèrè fún kí ilé oògùn tó lè forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ní èrò burúkú lè fi ti yín ṣe ohun tí ẹ kò gbà láti ṣe, ẹ̀yin sì ni alábẹ̀wò máa wá. Ẹ kọ ọdún láísẹ́ǹsì náà àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín sínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni lè béèrè lọ́wọ́ PCN. Ẹ mú ojúlówó lọ́wọ́ lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí ẹ fi hàn wọ́n, kí ẹ sì mú un padà. Ẹ̀dà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín títí tí wọ́n á fi fún yín ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó ní orúkọ ilé oògùn, wákàtí àti owó oṣù nínú. Ibi tí wọ́n bá ti gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ síbẹ̀.

Bí ẹ bá sì kúrò níbi iṣẹ́ kan, ẹ kọ̀wé sí PCN lọ́jọ́ tí ẹ kúrò, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ lè kọ ọ́ láìbẹ̀rù nínú ìwé ìwáṣẹ́ tó kàn pé láísẹ́ǹsì yín kò sí lórí ilé oògùn kankan.

*

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé oògùn náà, ìwé tí ẹ ń rí gbà jọ ìkéde tí ẹ kọ. Ìkéde tó kàn sọ pé "a ń wá apòògùn, ẹ fi CV ránṣẹ́" kò lè rí ìdáhùn tó gún. Ẹ kọ wákàtí iṣẹ́ síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò. Ẹ kọ iye owó oṣù, tàbí ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé, kí ẹni tí owó náà kò tó má baà gòkè afárá wá lásán. Ẹ sọ bóyá ẹ ti ní apòògùn tẹ́lẹ̀ tó ń lọ tàbí ilé oògùn tuntun ni. Nígbà tí ẹ bá sì ti rí ẹni tí ẹ fẹ́, ẹ fi ìlà kan ránṣẹ́ sí àwọn tó kù pé àyè náà ti kún, nítorí wọn kò ní fi láísẹ́ǹsì wọn síbòmíràn nígbà tí wọ́n bá ṣì ń retí yín.